Bí A Ṣe Ń Ka Orúkọ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Ohun tí Nọ́ńbà àti Lẹ́tà Rẹ̀ Ń Sọ nípa Agbára

Ẹni tí ó bá lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, tàbí ní ìsọ̀ èyíkéyìí ní àdúgbò rẹ̀, kò ní pẹ́ gbọ́ kí ọlọ́jà sọ pé, "i7 ni o, ó ju i5 lọ." Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò jẹ́ kí a mọ èyí tí ó jẹ́ ni nọ́ńbà àti lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé i7 náà, èyí tí kì í sábà sí lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kíbọọ̀dù. Púrósẹ́sọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni ó ni orúkọ yìí. Àwọn èyí tí ilé iṣẹ́ Intel ṣe ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ AMD ní ìlànà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àlàyé yìí ka orúkọ tiwọn.

Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú àpótí kékeré tí ó bá yọ, kí ẹ sì tẹ Enter:

```
msinfo32
```

Ní ojú ewé tí ó bá ṣí, ẹ wo iwájú ọ̀rọ̀ Processor. Ibẹ̀ ni orúkọ náà wà ní kíkún, bí àpẹẹrẹ Intel(R) Core(TM) i5-8250U CPU @ 1.60GHz. Bí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí sítíkà ń sọ, ti ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ gbà gbọ́. Sítíkà kò ṣòro láti lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ náà. i5 ń sọ ipò tí púrósẹ́sọ̀ náà wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde: i3 wà nísàlẹ̀, i5 wà láàárín, i7 wà lókè. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú nínú 8250, ìyẹn 8, ń sọ ìran tí ó ti wá, ìran kẹjọ. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ márùn-ún, bí i 10210, méjì àkọ́kọ́ ni ìran, ìyẹn ìran kẹwàá. Àwọn nọ́ńbà tí ó kù kàn ń tò wọ́n tẹ̀léra wọn nínú ìran kan náà ni, olùrà kò nílò láti yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò ni pé ipò kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ ìran. Ká ní ẹ̀rọ méjì wà níwájú yín, i7-7500U nínú ọ̀kan, i5-8250U nínú èkejì, tí ọlọ́jà sì ń béèrè owó tí ó pọ̀ jù lórí i7. Nínú púrósẹ́sọ̀, ẹ̀yà tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni à ń pè ní kọ́ọ̀. i7-7500U ní kọ́ọ̀ méjì péré, i5-8250U sì ní mẹ́rin. Ọlọ́jà lè tún tọ́ka sí 2.70GHz tí ó wà lára ti i7 náà, kí ó ní ó yára ju 1.60GHz lọ. Ìṣirò náà kò pé, nítorí pé ìwọ̀n eré ìpìlẹ̀ nìkan ni orúkọ ń sọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, i7 yìí lè sáré dé 3.5GHz, i5 náà sì lè dé 3.4GHz, ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí. Fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò wúwo, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìpàdé fídíò, ìwé iṣẹ́ àti ojú ewé ayélujára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ọ̀ mẹ́rin yóò borí méjì.

Ìran kẹjọ yìí tún ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni ilé iṣẹ́ Microsoft gbà fún Windows 11, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, i7-7500U kò sì sí lára àwọn díẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró.

Lẹ́tà ìparí ni ó ń sọ nípa iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo ilé tí ó ń lo ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo i5-6300U àti i5-6300HQ. Ipò kan náà, ìran kan náà, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ní. Lẹ́tà nìkan ni ó yà wọ́n. Síbẹ̀, kọ́ọ̀ méjì ni U ní, wáàtì 15 ni a sì ṣètò rẹ̀ fún. HQ ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n wáàtì 45 ni tirẹ̀. H tàbí HQ ni ti ẹni tí ń ṣe àtúntò fídíò tàbí tí ń ya àwòrán ilé. U ni ti iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ẹ̀kọ́.

Wáàtì yìí kì í ṣe iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ní gbogbo ìgbà o. Ìwọ̀n iṣẹ́ líle tí a ń ṣe láìdáwọ́dúró ni, àti ooru tí fáànù gbọ́dọ̀ lè lé jáde. Bí a bá ń tẹ lẹ́tà lásán, àwọn méjèèjì kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní bátìrì gba wáàtì 48 fún wákàtí kan, tí ojú ẹ̀rọ àti àwọn ẹ̀yà yòókù sì ń jẹ wáàtì 9. Lábẹ́ iṣẹ́ líle, ẹ̀rọ U yóò jẹ 24 lápapọ̀, bátìrì rẹ̀ yóò sì tó wákàtí méjì. Ẹ̀rọ HQ yóò jẹ 54, kò sì ní pé wákàtí kan kí ó tó kú. Bátìrì tòkunbọ̀ tí ó ti gbó kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kan ṣì wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: i5-1035G1. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, ó sì fi 1 bẹ̀rẹ̀, àwọn kan a sì ní ìran àkọ́kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìran kẹwàá ni, 10 ni ẹ ó kà níbẹ̀. G1 ń sọ ìwọ̀n agbára àwòrán rẹ̀, kì í ṣe ti iná. Wáàtì 15 ni òun náà, bí ẹni pé U ni wọ́n kọ sí i. Bákan náà, 11 ni ẹ ó kà nínú i5-1135G7, ìran kọkànlá.