Ọkọ, Ọkọ́ àti Ọkọ̀ Nínú Orin

Ní ilé ìjọsìn láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, a máa ń kọrin nípa ọkọ̀ Nóà. Re-dò ni ohùn ọ̀rọ̀ náà. Bí orin bá fi ohùn kan náà gbé sílébù méjèèjì, re-re ni a ó gbọ́: "ọkọ", olówó orí ìyàwó. Bí orin bá gòkè, ó di re-mí: "ọkọ́" tí àgbẹ̀ fi ń roko. Àgbàlagbà tí ó mọ ìtàn náà yóò lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa lè rò pé inú ọkọ́ ni Nóà wọ̀. Ìdí nìyí tí Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti ọdún 1914, fi kọ àwọn orin tí ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá ti lọ sílẹ̀.