Ọmọ Tó Ń Mú Ìgbẹ́ Mọ́ra, Tí Pátá Rẹ̀ Sì Ń Dọ̀tí

Ọmọ ọdún márùn-ún ń yàgbẹ́ sí pátá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ìyá ní ọ̀lẹ ni, bàbá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ẹgba sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ìgbẹ́ jáde lára wọn. Ohun tó ń ba pátá jẹ́ yẹn, ìgbẹ́ rírọ̀ ni, tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìgbẹ́ líle tó ti dí ọ̀nà sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó wọn kílò 18. Ó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ ń rùn, ó sì ń dúró di ìgbà tó bá délé. Lọ́jọ́ kan ìgbẹ́ le, ó sì dùn ún gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, tí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, á sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á di ògiri mú, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, á pa itan pọ̀. Àwọn òbí rò pé ó ń tì í jáde ni. Rárá o, ó ń dá a dúró ni. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ nínú tó ni ìfun ṣe ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, á tóbi sí i, á le sí i, èyí tó kàn á sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìparí ìfun náà á fẹ̀, á dà bíi rọ́bà pátá tó ti rọ̀, kò ní lè máa sọ fún ọmọ mọ́ pé ó tó àkókò.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nìyí: ìgbẹ́ ńlá kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà míì tó máa ń dí ṣáláńgá olómi, òórùn lára pátá lójoojúmọ́, bóyá kókó líle nísàlẹ̀ ikùn. Nítorí pé ohun tó ń jáde rọ̀, àwọn kan á ní ìgbẹ́ gbuuru ni, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á wá fún ọmọ ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Ìyẹn ló tún ń dì í pa.

Ohun àkọ́kọ́ ni ká kó èyí tó ti dì kúrò. Oògùn tí àwọn dókítà sábà ń lò ni ìyẹ̀fun políẹtilíìnì gíláíkọ́ọ̀lù, tí a ń pò mọ́ omi. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1 sí 1.5 fún kílò kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 3 sí 6. Fún ọmọ tiwa yìí, gíráàmù 18 sí 27 ni, dókítà ni kó fọwọ́ sí i. Láwọn ọjọ́ yẹn pátá á dọ̀tí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá a dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà ọlidé. Tó bá ń jáde bí omi tí kò ní kókó, ó ti mọ́ nìyẹn. Ẹ má fi rọ́bà fún un ní àgbo tàbí omi ọṣẹ ní ìdí. Ibẹ̀ gan-an ló ń bà á lẹ́rù, ó sì lè ṣe é léṣe.

Lẹ́yìn náà, oògùn ò tán o. Ìwọ̀n á wálẹ̀ sí nǹkan bíi gíráàmù 7 lóòjọ́ fún un, kí ìgbẹ́ lè máa rọ̀ lójoojúmọ́. Ó kéré tán, oṣù 2, a kì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, díẹ̀díẹ̀, àfi tí oṣù kan gbáko bá kọjá láìsí wàhálà. Tí ẹ bá dá a dúró nígbà tí pátá ṣẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò padà wá, nítorí ìfun tó ti fẹ̀ kò tíì padà sípò. Ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà dára, àmọ́ wọn ò lè dá kó ohun tó ti dì.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, kó lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, torí oúnjẹ tó wọ ikùn máa ń jí ìfun. Kó fi ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, kí orúnkún ga ju ìdí lọ. Ìjókòó ni kí ẹ yìn, kì í ṣe ìgbẹ́. Tí pátá bá dọ̀tí: "Ó dáa, jẹ́ ká lọ pààrọ̀ rẹ̀." Kó bá yín gbé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kó tán síbẹ̀, kí àǹtí àtàwọn ẹ̀gbọ́n má gbọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n nà á fún ihò ìdí rẹ̀ pọ̀ sí i ni, á sì máa fi pátá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kó lè jáde nígbà tó bá fẹ́, kí pátá kan sì wà nínú báàgì.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí 48 tí wọ́n bí i ló tó kọ́kọ́ yàgbẹ́, tàbí ikùn rẹ̀ wú tó sì ń bì, tàbí kò dàgbà bó ṣe yẹ, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé.