Alárìnkiri Tí Ó Ń Wọn Iyì Ojú-ìwé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú ẹ̀rọ aṣàwárí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe "iṣu" tàbí "ibà", yóò rí i pé àwọn ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà tán lọ. Ìbéèrè tí ó ṣòro ni èyí: èwo nínú wọn ni kí a fi ṣíwájú? Láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a máa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà farahàn nínú ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́tàn fi mọ àṣírí yìí. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé wọn, wọn a sì fi àwọ̀ tí ó bá ti ojú-ìwé náà mu kọ ọ́, kí ẹni tí ń kà á má baà rí i, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ rí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Kalifọ́níà, Larry Page àti Sergey Brin, ni wọ́n gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní ọdún 1998. Wọ́n pè é ní PageRank. Èrò wọn ni pé kí a má ṣe fetí sí ohun tí ojú-ìwé ń sọ nípa ara rẹ̀. Kí a wo àwọn tí ń tọ́ka sí i. Ẹ mọ̀ pé inú ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ni a ti máa ń rí ìjápọ̀, èyí tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ó sì bọ́ sí ojú-ìwé mìíràn. Ọ̀nà alọ ni ìjápọ̀. Kì í ṣe ọ̀nà àbọ̀. Bí mo tilẹ̀ tọ́ka sí ọ, kò sọ ọ́ di dandan pé kí o tọ́ka sí mi.

Ṣùgbọ́n a kò lè kàn ka iye ìjápọ̀ kí a sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣí ẹgbẹ̀rún ojú-ìwé òfìfo kí gbogbo wọn máa tọ́ka sí òun. Ẹ̀rí ẹni iyì ni ó yẹ kí ó wúwo ju ẹ̀rí ẹni tí a kò mọ̀ lọ. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di òbìrípo: kí a tó mọ iyì ojú-ìwé kan, a ní láti kọ́kọ́ mọ iyì àwọn tí ń tọ́ka sí i, bẹ́ẹ̀ ni iyì tiwọn náà sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, títí yóò fi yí padà dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Alárìnkiri kan ni ó já okùn yìí. Ẹ fi ojú inú wo ẹnì kan tí kò ní ibi tí ó ń lọ. Ó dé ojú-ìwé kan, ó ka àwọn ìjápọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ó ṣẹ́ gègé lé wọn lórí, ó sì gba èyí tí gègé bá mú. Bí ó bá dé ibòmíràn, yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú-ìwé tí a bá ń bá a jù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrìn ni a ó sọ pé ó níyì jù. Irú ìrìn báyìí kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn onímọ̀ ìṣirò. Andrey Markov, ará Rọ́ṣíà, ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1906. Ní ọdún 1913 ó tilẹ̀ fi 20,000 lẹ́tà inú ìwé ewì Pushkin kan dán an wò, ó ń wo irú lẹ́tà tí ó máa ń tẹ̀lé ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ojú-ìwé mẹ́rin péré, kí a sọ wọ́n ní B, D, F àti G. B ní ìjápọ̀ méjì, ọ̀kan sí D, ọ̀kan sí F. D tọ́ka sí F nìkan, F tọ́ka sí B nìkan, G náà tọ́ka sí F nìkan. Kò sí ẹni tí ó tọ́ka sí G. Dípò alárìnkiri kan tí yóò rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ jẹ́ kí a rán 400 jáde pọ̀, 100 sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbàkígbà tí agogo bá lù, olúkúlùkù yóò gba ìjápọ̀ kan lọ.

Agogo lù lẹ́ẹ̀kan. Àwọn 100 tí ó wà ní B pín sí méjì, 50 sí D, 50 sí F. Àwọn ará D àti ará G bọ́ sí F pẹ̀lú, ará F sì lọ sí B. Nítorí náà, a rí 100 ní B, 50 ní D, 250 ní F, G ṣófo. Agogo lù lẹ́ẹ̀kejì: 250 ní B, 50 ní D, 100 ní F. Lẹ́ẹ̀kẹta: 100, 125 àti 175. Lẹ́ẹ̀kẹrin: 175, 50 àti 175. Bí a bá ń bá a lọ, ìyípadà yóò máa dínkù, títí wọn yóò fi dúró sí 160 ní B, 80 ní D, 160 ní F. Ẹ dán ìyẹn wò: ìdajì 160 tí ó wà ní B ni 80 tí D gbà, 80 ará D àti 80 tí ó kù láti B ni 160 ti F, 160 ará F sì padà di ti B. Iye àwọn tí ń wọlé ti bá iye àwọn tí ń jáde dọ́gba. Òbìrípo tí ó dà wá láàmú lẹ́ẹ̀kan ti yanjú, bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe ju pé kí a máa tún ìrìn kan náà rìn.

Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tí wọ́n ni D àti G gbìmọ̀ pọ̀. Wọ́n pa ìjápọ̀ wọn sí F rẹ́. D wá tọ́ka sí G nìkan, G tọ́ka sí D nìkan, bí ọ̀rẹ́ méjì tí ń ki ara wọn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá láìdárúkọ ẹlòmíràn. B àti F kò yí ohunkóhun padà. A tún rán 400 jáde, 100 sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí agogo bá lù lẹ́ẹ̀kẹrin, 25 péré ni ó kù ní B, 25 ní F. 175 ti wà ní D, 175 ní G. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́. Bí ó pẹ́ bí ó yá, gbogbo 400 ni yóò há sínú pańpẹ́ náà. Ìjàǹbá kejì tún wà níbẹ̀: bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé 300 wà ní D tí 100 sì wà ní G, bí agogo bá lù, 100 yóò wà ní D, 300 ní G, bí ó bá tún lù, wọn yóò pààrọ̀ padà. Wọn kò ní fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láéláé, a kò sì ní rí iye kankan kọ sílẹ̀.

Oògùn tí Page àti Brin lò ni pé ìrìn náà yóò máa sú alárìnkiri. Nínú 100 alárìnkiri, 85 ni yóò tẹ̀lé ìjápọ̀. Ọ̀nà yóò sú 15, wọn yóò sì fò lọ sí ojú-ìwé èyíkéyìí tí gègé bá mú, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò sí ìjápọ̀ sí rárá. Nínú 400 tiwa, 60 ni yóò máa fò. Bí a bá pín wọn sí ojú-ìwé mẹ́rin, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 15. Ohun tí a ó máa ṣírò nígbàkígbà tí agogo bá lù nìyí:

```
B = 15 + 0.85 × F
D = 15 + 0.85 × (B/2 + G)
F = 15 + 0.85 × B/2
G = 15 + 0.85 × D
```

Iye tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni a ó fi sí apá ọ̀tún; iye tuntun ni yóò jáde ní apá òsì. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 100, agogo àkọ́kọ́ fún wa ní 100, 142.5, 57.5 àti 100. (Ènìyàn kì í pín sí méjì, ṣùgbọ́n kò sí èèwọ̀ nínú ìdajì alárìnkiri bí ìṣirò bá ti wọ̀ ọ́.) Bí a bá tún un ṣe títí kò fi yí padà mọ́, a ó rí nǹkan bí 43 ní B, 167 ní D, 33 ní F àti 157 ní G. B àti F kò kú mọ́, pààrọ̀-padà ti dópin, iye tí a rí sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ibi yòówù kí àwọn alárìnkiri ti bẹ̀rẹ̀.

Sísú yìí náà ni ó jẹ́ kí ìṣirò náà yára. Àṣìṣe tí ó wà nínú iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò lè ju ìpín 0.85 ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn ìlù agogo kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìlù 10, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn 50, kò tó 3 nínú 10,000. Nígbà tí àwọn ará Stanford dán an wò lórí ìjápọ̀ tí iye wọn jẹ́ mílíọ̀nù 322, nǹkan bí ìgbà 52 ni wọ́n tún un ṣe kí iye náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà kò sì ní ju kí ó kan ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan nínú ìlù kan.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, èéṣe tí kò fi jẹ́ 0.99, kí a lè gbára lé ìjápọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlù bí 800 ni a lè nílò kí àṣìṣe tó kéré tó ti ìlù 50 yẹn, pańpẹ́ yóò sì tún lágbára. Bí a bá sì sọ ọ́ di 0.1, gbogbo ojú-ìwé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ̀rí àwọn ènìyàn yóò sì di asán. Àdéhùn láàárín méjèèjì ni 0.85.

Ojú-ìwé kan wà tí ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún, èyí tí kò ní ìjápọ̀ kankan nínú. Alárìnkiri tí ó bá dé ibẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ, ó sì pòórá kúrò nínú ìṣirò. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a ro gbogbo iye pọ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan: bí kò bá tó 400 mọ́, ibìkan ń jò. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a ṣe bí ẹni pé ojú-ìwé náà tọ́ka sí gbogbo ojú-ìwé yòókù.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo D àti G. Nínú 400, àwọn méjèèjì ṣì kó bíi 323 sọ́wọ́ lẹ́yìn oògùn wa. Sísú kì í fọ́ pańpẹ́. Ó kàn ń fi ààlà sí ohun tí ó lè gbé mì ni. Àwọn oníṣòwò tètè mọ èyí, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú-ìwé tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa tọ́ka sí ara wọn lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ta ìjápọ̀ bí ẹni ń ta ọjà. Ní ọdún 2005 ni a gbé àmì `nofollow` jáde, èyí tí ẹni tí ó ni ojú-ìwé lè fi sára ìjápọ̀ láti sọ pé òun kò jẹ́rìí sí ibi tí ó ń lọ. Google, ilé-iṣẹ́ tí Page àti Brin dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rí mìíràn mọ́ PageRank, nígbà tí ó sì di ọdún 2016 ó dáwọ́ dúró láti máa fi iye PageRank ojú-ìwé han gbogbo ènìyàn, nítorí iye náà ni àwọn tí ń ta ìjápọ̀ fi ń dá owó lé e.