Kóńgò Wo Lẹ Fi Wọn Àwọ̀ Fọ́tò Yẹn?

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Màmá kan ṣe ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún, ni ọmọ wọn obìnrin bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fíréèmù kan lábẹ́ apá. Èmi ni mo ya Màmá náà ní oṣù tó ṣáájú. Aṣọ òkè àlàárì ni wọ́n ró, wọ́n sì we gèlè búlúù tó ń tàn yòò. Mo tún fọ́tò náà ṣe tán, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́sáàpù, gbogbo ẹbí sì yìn ín. Ọmọ náà mú fọ́tò inú fóònù yẹn lọ sí láàbù, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 16 sí 20 fún ògiri pálọ̀. Ohun tí wọ́n gbé fún un dà bí ẹni pé omi ti ta sí i. Irun ìpéǹpéjú Màmá ti pòórá, òwú inú àlàárì sì ti yọ́ pọ̀ mọ́ra wọn.

Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé fọ́tò tí ẹ yà fún wa náà nìyí?”

Òun ni. Láàbù kò sì ṣẹ̀. Èyí tí mo gé fún ojú fóònù ló lọ sórí bébà, èmi ni mi ò sì sọ fún un pé ti fóònù ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Fọ́tò inú kọ̀ǹpútà kò ju àmì aláwọ̀ wínníwínní lọ, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ara adé. Píkísẹ̀lì là ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà mi ń to 6000 sí òró, ó sì ń to 4000 sí ìbú. Fíréèmù 16 sí 20 kò ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo gé díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó ku 4000 sí 5000. Ẹ wá fi íǹṣì 16 pín 4000: píkísẹ̀lì 250 ló bọ́ sínú íǹṣì kan. Òṣùwọ̀n tí àwọn atẹ̀fọ́tò sábà máa ń béèrè ni 300, ṣùgbọ́n fọ́tò tó máa gbé ara ògiri, tí èèyàn yóò dúró jìnnà díẹ̀ wò, 250 tó fún un dáadáa, kódà 200 kò burú.

Ẹ wá wo ti ọmọ Màmá. Bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán lórí Wọ́sáàpù, ó máa ń fún un kéré títí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù yóò fi di nǹkan bíi 1600. Fọ́tò tiwa wá di 1280 sí 1600. Ẹ fi 16 pín 1280, ẹ ó rí 80 péré. Ìlẹ̀kẹ̀ tó yẹ fún fìlà kékeré ni wọ́n fẹ́ fi bo adé ńlá. Ẹ̀rọ kò lè tẹ ohun tí kò sí nínú fáìlì, ó kàn fẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú ni, ìdí nìyẹn tí irun ìpéǹpéjú fi lọ.

Àṣìṣe kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ń ṣe. Wọ́n á ṣí `Image Size`, wọ́n á kọ 300 síwájú `Resolution`, wọ́n á sì gbà pé fọ́tò ti tó tẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò dá píkísẹ̀lì kankan sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kí a to 300 sínú íǹṣì kan, tí a bá sì to 1280 bẹ́ẹ̀, fọ́tò kò ní fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wá fipá mú un pé kó fẹ̀ dé 16, kọ̀ǹpútà yóò máa fi àbá dá píkísẹ̀lì tí kámẹ́rà kò rí. Lójú fóònù ní tirẹ̀, 72 ni o kọ, 300 ni o kọ, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Iye píkísẹ̀lì nìkan ni fóònù ń wò.

Ìwọ̀n ṣeé fi ìṣirò mú. Àwọ̀ ló máa ń yọ́ lọ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọjà gbé e yẹ̀ wò. Bí mo bá kọ ọ́ sí bébà pé “gàrí kóńgò márùn-ún”, tí mo fi rán ọmọ lọ sí ìlú mìíràn, iye gàrí tí yóò gbé bọ̀ wà lọ́wọ́ irú kóńgò tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Kóńgò ńlá wà, kékeré wà. Bí mi ò bá kọ irú kóńgò mọ́ nọ́ńbà, mi ò tíì sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò rí. Nọ́ńbà mẹ́ta ni fáìlì ń pa mọ́ fún píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Purofáìlì àwọ̀ ni àkọlé tó ń sọ irú kóńgò tí a fi wọ̀n wọ́n.

Kóńgò kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ ni `sRGB`. Ilé iṣẹ́ HP àti Microsoft ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, òun sì ni ọ̀pọ̀ fóònù àti ìkànnì máa ń gbà pé a lò nígbà tí wọn kò bá rí àkọlé. `Adobe RGB (1998)` tóbi jù ú lọ. `ProPhoto RGB`, tó wá láti ọwọ́ Kodak, ló tóbi jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kóńgò ńlá dára nígbà tí a ṣì ń tún fọ́tò ṣe, nítorí pé ó gba àwọ̀ púpọ̀. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kó fọ́tò jáde.

Mo ti jìyà èyí rí. Bí mo bá gbé fọ́tò láti Lightroom lọ sí Photoshop, `ProPhoto RGB` ni wọ́n ti yàn sílẹ̀ fún un. Nígbà kan, mo parí iṣẹ́ níbẹ̀, mo fi pamọ́ bíi `JPEG`, mo sì fi ránṣẹ́ láìwo àkọlé. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ara oníbàárà náà ń dán. Nígbà tí fọ́tò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú, aṣọ rẹ̀ sì ti ṣá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tó gbà kọjá kò ka àkọlé. Kóńgò ńlá márùn-ún ni mo kọ, kóńgò kékeré márùn-ún ni wọ́n wọ̀n fún un. Mo tún wá dá kún un: mo bu àwọ̀ sí fọ́tò náà kí ó lè dára lórí fóònù rẹ̀, ó sì di pupa bí iná lórí gbogbo ẹ̀rọ tó ka àkọlé dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú tó ń rí eérú lórí ẹ̀rọ kan tó sì dára lórí òmíràn, ẹ má fọwọ́ kan àwọ̀. Àkọlé ni kí ẹ lọ wò.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú `Edit` ní Photoshop, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ló wà níbẹ̀ tó jọra, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. `Convert to Profile` ń da gàrí náà jáde, ó sì ń fi kóńgò kékeré wọ̀n ọ́n ní ọ̀tun. Nọ́ńbà yóò yí padà, gàrí kò ní dín. `Assign Profile` kàn ń pa àkọlé àtijọ́ rẹ́ ni, ó sì ń kọ òmíràn sí i láìfọwọ́ kan nọ́ńbà, ìyẹn ni gàrí fi ń dín. Èyí àkọ́kọ́ ni ẹ ó lò bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ dúró bí ẹ ṣe rí i.

Nígbà tí mo tún fọ́tò Màmá gé, mi ò fọwọ́ kan èyí tó wà lórí Wọ́sáàpù rárá. Ìyá fáìlì ni mo padà sí, ìyẹn èyí tí mo tún ṣe tí mi ò tíì fún kéré. Mo bí ọmọ méjì láti ara rẹ̀ nínú `Export` ti Lightroom. Fún ojú fóònù, mo yan `sRGB`, mo sọ ìwọ̀n di 1080 sí 1350, `Quality` 80, mo sì yan `Screen` níwájú `Sharpen For`. Ìbú 1080 yẹn ni Ínísítágíráàmù ń lò. Bí a bá gbé ńlá fún un, yóò fún un kéré fúnra rẹ̀, a kò sì ní sí níbẹ̀ láti rí bó ṣe ṣe é. Fún láàbù, mo yan `sRGB` bákan náà, `Quality` 100, mi ò yan `Resize to Fit`, kí 4000 sí 5000 lè pé, mo sì yan `Glossy Paper` nítorí pé bébà tó ń dán ni wọ́n fẹ́ lò. Ọmọ ti láàbù yìí, bíi `Document` ni mo ṣe fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, torí pé bẹ́ẹ̀ ni kò fi ní fún un kéré.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé mo lo `sRGB` fún láàbù náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ láàbù ń retí nìyẹn, bí tiyín bá sì fẹ́ òmíràn, wọn yóò sọ. Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa ṣá. Pupa àlàárì jinlẹ̀ gan-an, kóńgò kékeré kò sì gba gbogbo rẹ̀, tí òwú fi lè lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀dà. Kí n tó kó o jáde, mo tẹ `S` nínú `Develop` kí Lightroom lè fi hàn mí bí yóò ṣe rí nínú `sRGB`. Mo wá dín pupa kù díẹ̀díẹ̀ títí òwú fi tún yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ètò ayẹyẹ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tẹ ìyẹn, pẹ̀lú yíǹkì mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà ń pè ní `CMYK`: sáyáànù, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Yíǹkì wọ̀nyí kò lè tàn bí iná ojú fóònù, búlúù sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ já kulẹ̀ lórí rẹ̀. Gèlè Màmá lè wá sílé bíi èlùbọ́, kó má tàn mọ́, tàbí kó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Mo bi onítẹ̀wé léèrè purofáìlì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò, mo fi sí `Proof Setup` ní Photoshop, mo sì pe ọmọ Màmá kó wá fi ojú ara rẹ̀ wo gèlè náà kí a tó tẹ ìwé kankan. Bí onítẹ̀wé kò bá mọ purofáìlì rẹ̀, ẹ fi `sRGB` sílẹ̀ fún un kó yí i padà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àbá yan `CMYK`.

Ohun kan kù tí purofáìlì kò lè wò sàn. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, bébà kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan lára ju èyí tó bà lé e. Ẹni tó bá tan ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé òpin yóò máa rí fọ́tò tó mọ́lẹ̀, yóò sì máa gba bébà tó ṣókùnkùn, pàápàá jù lọ lára àwa aláwọ̀ dúdú, níbi tí ẹ̀gbẹ́ ojú àti irun ti máa ń wọ inú òkùnkùn pọ̀. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà mi kù sí bí ìdajì. Mo tún ní kí láàbù kọ́kọ́ tẹ ojú Màmá nìkan fún mi ní íǹṣì 4 sí 6. Mo gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé ní ọ̀sán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ṣókùnkùn díẹ̀, mo tan án, mo sì kó fáìlì jáde lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tẹ ńlá.

Láti ọjọ́ náà, mo ń kọ ibi tí fọ́tò ń lọ mọ́ orúkọ rẹ̀: `mama70_foonu.jpg`, `mama70_laabu_16x20.jpg`. Nígbà tí ọmọ Màmá wá gba fíréèmù tuntun, kò kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú aṣọ òkè náà, ó ń ka òwú àlàárì lọ́kọ̀ọ̀kan.