Òwe Wo Gan-an Lẹ Ń Béèrè?

Ká ní ìyàwó kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kàdúná ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ àdúgbò ń jà lẹ́yìnkùlé, ìyàwó ń ro ọbẹ̀ lọ, kò dá sí wọn. Ìyá jáde, ó là wọ́n, ó ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà...” Ó dákẹ́ síbẹ̀, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń ṣe: ìdajì ni wọ́n máa ń sọ, kí ẹni tó gbọ́ fúnra rẹ̀ parí i.

Ìyàwó kò mọ ìyókù. Ó lọ bá màmá kan ládùúgbò: “Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ òwe tí wọ́n fi ń bá àgbà wí yẹn?” Màmá ní, “Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.” Ó ṣàlàyé pé àgbà tó jẹun tí kò ṣẹ́kù fọ́mọdé kò ní rí ọmọ tó máa bá a gbé igbá. Irọ́ kọ́ ni màmá pa. Àmọ́ ohun tí ìyàwó gbé wálé ni pé wọ́n pe òun ní ọ̀kánjúwà nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ìjà dé nìyẹn.

Òwe tí ìyá pa ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá rí i pé orí ọmọ wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló yẹ kó tún un ṣe. Ìbáwí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ka ìyàwó kún àgbà ilé.

Àwọn òwe tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “àgbà” pọ̀. Ìwé òwe Yorùbá tí Oyèkàn Owómóyèlà tẹ̀ jáde lọ́dún 2005 ní òwe tó lé ní 5,000. Ẹni tó bá ní “òwe àgbà yẹn” dà bí ẹni tó wọ Ìbàdàn tó ń béèrè ilé Ìyá Ayọ̀.

Ojú ló ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, torí wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọdé kì í pòwe níwájú àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà. Kí onítọ̀hún kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní “tótó ó ṣe bí òwe o”, kó wá sọ ìwọ̀nba tó gbọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àgbà á dáhùn pé, “Wàá pa òmíràn.” Bó bá jẹ́ orí fóònù ló ti ń kọ ọ́, kó fi àmì ohùn sí i, torí igbá, ìgbà àti igba kì í ṣe ohun kan náà.

Lẹ́yìn náà, kó sọ ẹni tó pa á, ẹni tí wọ́n pa á fún, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Bí ìyàwó bá ti sọ “kì í wà lọ́jà” àti ìjà àwọn ọmọ yẹn, màmá àdúgbò ì bá ti parí òwe náà fún un lójú ẹsẹ̀.