Fọ́tò Kan, Ojú Méjì: Bí A Ṣe Ń Gbé Àwòrán Jáde fún Férémù àti fún Orí Fóònù

(Ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́ta tí ádímínì sọ sínú gúrúùpù, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn)

OHÙN KÌÍNÍ

  

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù férémù wa kì í yí padà: “Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò yìí dára lójú fóònù mi, kí ló dé tó rí báyìí lórí bébà?” Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ ń béèrè, ẹni tó fẹ́ sin bàbá rẹ̀ ń béèrè, àwọn ọmọ Yunifásítì tó bá wọ gáùn gboyè náà ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ẹyọ kan sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà ya màmá, wọ́n ti ẹ́díìtì ẹ̀ tán. Màmá wọ léèsì búlúù tó ń tàn, ó wé gèlè gíga, ó fi iyùn sọ́rùn. Ohun mẹ́ta ni ọmọ ń fẹ́: férémù ńlá 16 × 20 íńṣì fún pálọ̀, àwòrán tí yóò gbé sórí ìkànnì, àti ojú ìwé ètò ayẹyẹ tí atẹ̀wé máa tẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí fọ́tò jẹ́. Àmì àwọ̀ kéékèèké ni, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí òwú nínú aṣọ. Iye wọn ni aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ. Yáàdì méjì ò lè rán agbádá. Tó o bá nà án, yóò ṣí, ara yóò máa hàn. Fọ́tò màmá yìí fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000, ó ga ní 6000. Aṣọ tó pọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n férémù 16 × 20 kò rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fọ́tò kámẹ́rà. Tí ìbú bá jẹ́ 4000, gíga tó bá férémù yẹn mu ni 5000. Ìyẹn ni pé a máa gé píksẹ́lì 1000 kúrò lókè tàbí nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni gèlè ti máa ń sọ orí nù! Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gé e, kó o gé púpọ̀ nínú ẹ̀ nísàlẹ̀, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, torí àárín ni ẹ̀rọ máa ń gbájú mọ́.

Wàyí o, ẹ pín in: 4000 sí ọ̀nà 16, ó kù 250. Nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan, píksẹ́lì 250 ló wà. Àwọn atẹ̀wé sábà máa ń béèrè 300, torí pé ìwé tí èèyàn gbé lọ́wọ́ súnmọ́ ojú. Férémù ara ògiri jìnnà díẹ̀ sójú, nítorí náà 250 dára gan-an, 200 pàápàá ṣì ń kọjá. Tó bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 150, ojú màmá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, irun ojú yóò di ẹyọ kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò yìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni ń fi fọ́tò lásán ránṣẹ́. WhatsApp á fún un pọ̀ kó lè yára lọ, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù á wá sí bíi 1600. Ìbú rẹ̀ á di bíi 1067. Pín 1067 sí ọ̀nà 16: ó kù bíi 67. Ẹ rí i? Nínú 250 tó wà lọ́wọ́ wa, bíi 67 péré ló dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Lójú fóònù kò hàn, torí pé ojú fóònù kéré. Lára ògiri ló máa hàn. Fáìlì kékeré yẹn kì í ṣe ìranù o: tó bá jẹ́ 5 × 7 íńṣì lo fẹ́, ó máa ní bíi 213 ní íńṣì kọ̀ọ̀kan, ó dára. Àmọ́ kò lè rán agbádá.

OHÙN KEJÌ

Ẹni kan ti sáré kọ̀wé sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti yí i sí 300 nínú Photoshop, ó tán.” Rárá o. Nọ́ḿbà 300 yẹn jẹ́ àkọlé lára àpò. Tó o bá kọ “50 kílò” sára àpò ìrẹsì tó wọn 10, ìrẹsì ò pọ̀ sí i. Tó o bá sì jẹ́ kí Photoshop fi kún un (àpótí `Resample` ló ń ṣe é), ńṣe ló ń méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín píksẹ́lì méjì. Fáìlì á tóbi, ojú ò ní mọ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, iye píksẹ́lì ni kó o wò. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ fáìlì náà, wọ `Properties`, kó o wo `Dimensions` lábẹ́ `Details`.

Ó ku àwọ̀. Nọ́ḿbà ni fáìlì fi ń tọ́jú àwọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà yẹn dà bíi kóńgò. “Kóńgò mẹ́ta” kò ní ìtumọ̀ títí wọ́n á fi sọ fún ẹ pé kóńgò ọjà wo ni, torí pé kóńgò ọjà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Pírófáìlì àwọ̀ ni orúkọ kóńgò. Èyí tí fóònù, ìkànnì àti ọ̀pọ̀ láàbù fọ́tò mọ̀ ni sRGB, tí iléeṣẹ́ HP àti Microsoft gbé jáde ní 1996. Adobe RGB wà pẹ̀lú, ti 1998. Kóńgò tiẹ̀ tóbi jù, ó gba àwọn àwọ̀ ewé àti búlúù kan tí sRGB ò gbà. Tí ẹnì kan bá ẹ́díìtì nínú Adobe RGB, tó gbé e jáde bẹ́ẹ̀, tí ibi tó dé ò ka orúkọ kóńgò, nọ́ḿbà yẹn ni wọ́n máa fi kóńgò kékeré wọ̀n. Ara màmá á rí bí ẹni tó ṣàìsàn, léèsì á ṣá. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò ò bàjẹ́, wọ́n kàn ṣi í wọ̀n ni.

Nínú Photoshop, ohun méjì jọra tí kì í ṣe ọ̀kan. `Convert to Profile` ń da ìrẹsì náà sínú kóńgò tuntun, ó ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: nọ́ḿbà yí, ìrẹsì ò yí. `Assign Profile` kàn ń pa orúkọ kóńgò rẹ́, ó ń kọ òmíràn: nọ́ḿbà ò yí, ṣùgbọ́n ìrẹsì ti di òmíràn. Èyí àkọ́kọ́ lẹ ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo `Export As`, ẹ máàkì `Convert to sRGB` àti `Embed Color Profile`, kí orúkọ kóńgò lè bá ọjà lọ.

Ṣé láàbù tó ń tẹ férémù náà ń fẹ́ CMYK? Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. sRGB ni kẹ́ ẹ gbé fún wọn. Ìwé ètò ayẹyẹ ni ti CMYK, torí yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ atẹ̀wé fi ń ṣe é: búlúù tó mọ́, pupa bí osùn tó tàn, yẹ́lò àti dúdú. Ojú fóònù ń tan iná síni lójú. Bébà ò tanná. Nítorí náà búlúù léèsì màmá tó ń tàn yẹn, yíǹkì mẹ́rin ò lè mú un, yóò rọ̀ tàbí kó fẹ́ dà bí èsè àlùkò. Pupa iyùn náà á wálẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ kó tó di pé owó jáde, nínú Photoshop ẹ lọ sí `View`, kẹ́ ẹ tẹ `Proof Colors`, ẹ óò rí bó ṣe máa rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé pírófáìlì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fún un ní sRGB tó mọ́, kí ẹ̀rọ rẹ̀ yí i fúnra rẹ̀. Ẹ má méfò. Ẹ má sì gbé fáìlì CMYK sórí ìkànnì láé, àwọ̀ rẹ̀ lè dojú rú níbẹ̀.

OHÙN KẸTA

Ẹ jẹ́ ká kó o jọ. Fáìlì mẹ́ta ni ọmọ màmá máa gbé jáde látinú ẹyọ kan:

```
mama80_feremu_4000x5000.jpg
mama80_ikanni_1080x1350.jpg
mama80_iwe_CMYK.tif
```

Ti férémù: sRGB, píksẹ́lì rẹ̀ pé pérépéré, `Quality` ní 90 sókè. Ti ìkànnì: ẹ dín in kù sí 1080 × 1350, sRGB, 80 tó. Ẹ wò ó, gígé tá a gé fún 16 × 20 náà ló bá èyí mu, a ò ní gé gèlè nígbà kejì. Kí ló dé tá a fi ń dín in kù fúnra wa? Torí tá a bá gbé 4000 × 5000 sórí Instagram, òun náà á dín in kù bó ṣe wù ú, kò sì ní bi wá léèrè. Ti ìwé: bí atẹ̀wé bá ṣe sọ.

Ti férémù yẹn, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Nínú WhatsApp, ẹ tẹ `Document`, kẹ́ ẹ wá fáìlì náà níbẹ̀, kò ní fún un pọ̀. `HD` sàn ju ti lásán lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fún un pọ̀. Tí fáìlì bá délé, kí atẹ̀wé sọ `Dimensions` rẹ̀ fún yín. Tó bá ní 4000 × 5000, ó pé.

Ohun tó tún máa ń dun àwọn èèyàn ni òkùnkùn: “Wọ́n tẹ màmá mi dúdú jù.” Ọ̀pọ̀ ìgbà, iná fóònù ló tàn dé òpin nígbà tí wọ́n ń ẹ́díìtì. Ẹ sọ iná náà kalẹ̀ sí bí ìdajì, ẹ jókòó síbi tí òòrùn ò ti tàn sí fóònù, kẹ́ ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí funfun inú fọ́tò bá tàn ju ti bébà lọ, iná yẹn ṣì pọ̀. Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ gèlè. Tí wọ́n bá ti di òkùnkùn báyìí, lórí bébà wọn ò ní hàn rárá. Ẹ gbé wọn sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Àyẹ̀wò tó dára jù kò wọ́n. Ẹ gé ojú màmá nìkan nínú fáìlì ńlá náà, píksẹ́lì 1000 × 1500, láì dín in kù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà 4 × 6 íńṣì. 1000 sí ọ̀nà 4, 250 náà nìyẹn. Nítorí náà, bí ojú ṣe rí lórí bébà kékeré yẹn ló ṣe máa rí nínú férémù ńlá, tàwọ̀ tàwọ̀, títóbi náà kan. Ẹ gbé e lọ síbi ògiri tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e kọ́, ẹ wò ó lójú mọmọ. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sanwó ti ńlá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ láàbù kan náà àti irú bébà kan náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò yẹn ò tọ́.

Ní ìparí, fáìlì tí kámẹ́rà gbé wá àti èyí tẹ́ ẹ ẹ́díìtì tán, ẹ má tọ́jú wọn sórí WhatsApp. Ní Benin níbí, Olóyè S. O. Alonge, tó ń ya fọ́tò fún ààfin Ọba, tó sì dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942, tọ́jú àwọn fíìmù rẹ̀ títí kan ti orí gíláàsì. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington ní 2014, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fáìlì ńlá yẹn ni fíìmù tiwa. Ẹ dà á sínú fílààṣì kan, kẹ́ ẹ tún dà á sí ibòmíì.

Ẹni tó bá ní fọ́tò tó fẹ́ tẹ̀, kó fi `Dimensions` rẹ̀ àti íńṣì tó fẹ́ síbí, ká jọ pín in. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ḿbà nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sínú gúrúùpù, ẹ ti mọ ohun tí WhatsApp máa ṣe fún un. Ire o.