Bí Nóòtì Ṣe Ń Di Káàdì Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, tó sì tún fẹ́ ṣe ìdánwò Wáẹ́kì, kì í sábà rí àyè kàwé ju ìgbà tó bá ń dúró de ọkọ̀ ní Tóò Géètì Ṣàngó lọ. Ìwé nóòtì ńlá kò ṣe é ṣí láàárín èrò. Káàdì kékeré ló gba ọwọ́: ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn.

Kíkéré rẹ̀ nìkan kọ́ ló mú kó wúlò: ó tún ń mú kéèyàn dán ara rẹ̀ wò. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà méjì. Wọ́n ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ka èkejì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e kúrò níwájú, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù lọ́pọlọ nínú èyí tí wọ́n fi dán ara wọn wò, 42 péré nínú èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká mú nóòtì báọ́lọ́jì kan: “Inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń jáde. Ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ó sì máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́.” Ọ̀pọ̀ á kọ ọ́ sí káàdì báyìí: “Kí lo mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì pupa?” Káàdì yẹn kò dára. Ẹni tó bá rántí ìdajì á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ pín in sí mẹ́ta: Níbo ló ti ń jáde? Kí ló ń gbé? Ọjọ́ mélòó ló ń lò? Kí ẹ wá fi ọ̀kan tó ń béèrè ìdí kún un: kí nìdí tó fi ń tètè rẹ ẹni tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kò tó? Nítorí pé ọ́síjìn tó ń dé iṣan rẹ̀ kéré. Bí ìdáhùn bá ju gbólóhùn kan lọ, ẹ tún un pín. Ẹ sì sá fún ìbéèrè “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”, torí àbá lásán lè gbà á.

Tó bá kan dídi káàdì sí ìdì-ìdì, kókó ọ̀rọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ojú ìwé. Orí tó sọ̀rọ̀ nípa ibà tún mẹ́nu kan sẹ́ẹ̀lì pupa, nítorí inú rẹ̀ ni kòkòrò ibà ti ń pọ̀ sí i. Inú ìdì “Ẹ̀jẹ̀” ni káàdì ibà yẹn náà yẹ kó wà, kí ohun méjì tí ìwé yà sọ́tọ̀ lè pàdé. Àmọ́ bí ẹ bá ti mọ ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ra, nítorí orúkọ ìdì nìkan ti lè tú àṣírí ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ìdánwò kò ní sọ orí tó ti mú ìbéèrè wá.

Káàdì kò lè kọ́ni ní yíya àwòrán ọkàn. Bébà àti pẹ́ńsù ni tìyẹn. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ máa fi ẹnu dáhùn kí ẹ tó yí káàdì padà, kí ẹ sì ya èyí tí ẹ bá gbà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ kò gbà, kí ti àìgbà lè kọ́kọ́ jáde lọ́la.